Ìránnilétí oògùn Màmá ń dún lálẹ́, kì í dún láàárọ̀. Kí ló ń ṣe é?

Àbẹ̀kẹ́ Ìgbó · Ọjọ́ Ajé, 8:52 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo ra fóònù tuntun fún màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Áńdíróìdì 14 ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan láago méje àárọ̀, ọ̀kan láago mẹ́sàn-án alẹ́. Mo fi áàpù ìránnilétí oògùn kan sórí fóònù náà, mo ṣètò àkókò méjèèjì, mo dán an wò lójú wọn, ó dún.

Ìgbà tí mo padà sí Abẹ́òkúta ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ti alẹ́ ń dún dáadáa. Ti àárọ̀ kì í dún lásìkò, àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà míì, bí wọ́n bá gbé fóònù ní nǹkan bí aago mẹ́jọ láti wo aago, ìgbà yẹn ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo. Lọ́jọ́ míì ẹ̀wẹ̀, kò ní dún rárá títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sọ pé nǹkan kan bàjẹ́, kò kọ ohunkóhun sójú fóònù. Ìpè ń wọlé, ó sì ń dún sókè, nítorí náà kì í ṣe pé wọ́n pa ohùn rẹ̀. Mo ti yọ áàpù náà kúrò, mo tún fi í padà, kò yàtọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ràṣídì Alájé · 9:10 àárọ̀

Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú. Battery Saver ni. Ẹ pa á. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí áàpù yẹn, ẹ lọ síbi tí gbogbo áàpù tó wà ní ṣíṣí ti ń hàn, ẹ fi àgádágodo tì í mọ́bẹ̀. Ohun tí mo ṣe sí tèmi nìyẹn, kò yẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Àbẹ̀kẹ́ Ìgbó · 9:31 àárọ̀

Ẹ ṣeun. Àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ti wò ó, Battery Saver ò sí ní títàn. Ó ti fi àgádágodo sí i báyìí.

Túndé Akọ́áàpù · 10:05 àárọ̀

Ràṣídì, iṣẹ́ kan ni àgádágodo yẹn ń ṣe: bí ẹnìkan bá tẹ "Clear all", áàpù náà ò ní bá wọn lọ. Kò mọ nǹkan kan nípa àkókò. Kì í sì í ṣe Battery Saver nìkan ló ń fi nǹkan sùn. Láti Áńdíróìdì 6, ní ọdún 2015, ni fóònù ti ní oorun tirẹ̀, tí àwa tó ń ṣe áàpù ń pè ní Dóòsì. Bí fóònù ò bá sí lórí iná, tí ojú rẹ̀ wà ní pípa, tí ẹnikẹ́ni ò mì ín, tó bá ṣe díẹ̀ á wọ oorun yẹn, ìbáà jẹ́ pé Battery Saver wà ní pípa. Áláàmù lásán tí áàpù bá ṣètò á dúró títí fóònù á fi jí fúngbà díẹ̀ láti ṣe àwọn iṣẹ́ tó ti dúró, tàbí títí ẹnìkan á fi gbé e.

Ẹ wá wo ti Màmá. Láago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì máa wo fídíò lórí Wáàsáàpù, fóònù ò tíì sùn. Láago méje àárọ̀, ó ti wà lórí tábìlì láti òru. Bí ti alẹ́ ṣe ń dún tí ti àárọ̀ kò dún, ibẹ̀ gan-an ni mo fura sí.

Ṣùgbọ́n ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ kọ. Ẹ ní ó máa ń pẹ́ dún, ẹ tún ní kì í dún rárá. Ohun tó ń fa ọ̀kan kọ́ ló ń fa èkejì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ yí ètò mẹ́wàá padà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ó ti ń já. Ẹ lọ sí Settings > Notifications > Notification history, kí ẹ tan án. Áńdíróìdì 11 ló mú un wá. Kò ní fi ti àná hàn yín, láti ìgbà tí ẹ bá tan án ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sílẹ̀, wákàtí mẹ́rìnlélógún tó kọjá nìkan ló sì ń fi hàn. Nítorí náà kí àbúrò yín máa wò ó lójoojúmọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí ẹ bá rí ìránnilétí náà níbẹ̀ pẹ̀lú aago méje géérégé, áàpù ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀, ohùn ni kò jáde. Bí ó bá jẹ́ aago mẹ́jọ kọjá ni wọ́n kọ sí i, ó pẹ́ ni. Bí kò bá sí níbẹ̀ rárá, áàpù náà ò jí. Ẹ padà wá sọ èyí tó jẹ́.

Nọ́ọ̀sì Mọ́remí · 11:40 àárọ̀

Kí ẹ tó máa bá fóònù fà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dẹ́rù bà mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìránnilétí tí kò dún kọ́ ni, èyí tó pẹ́ dún ni. Ìyá àgbà lè ti rántí fúnra wọn láago méje, kí wọ́n ti lo oògùn náà. Láago mẹ́jọ, fóònù á pariwo, wọ́n á rò pé àwọn ò tíì lò ó, wọ́n á tún lò ó. Mo ti rí èyí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ra àpótí oògùn oníyàrá méje tí wọ́n ń kọ orúkọ ọjọ́ sí, kí ẹnìkan máa dì í fún wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí yàrá ọjọ́ náà bá ti ṣófo, wọ́n ti lò ó, ohun yòówù kí fóònù wí. Ẹ sì bi apòògùn tó ń tà á fún wọn pé kí ni kí wọ́n ṣe bí àkókò bá kọjá, torí oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.

Déjì Pẹ́kàmù · 1:22 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe èmi náà ní Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ lórí áífóònù. Áàpù oògùn tí mo ń lò dún dáadáa fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Bí mo bá ṣí i báyìí, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Gbogbo àṣẹ ló wà ní títàn. Ṣé Dóòsì náà ni?

Túndé Akọ́áàpù · 1:50 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Déjì, rárá o, Dóòsì ò sí níbẹ̀. Lórí áífóònù, ìránnilétí 64 péré ni áàpù kan lè kó sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Bí ó bá kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn 64 tó sún mọ́ jù lọ ni fóònù ń pa mọ́, á da ìyókù nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́ lẹ ń lo oògùn yín?

Déjì Pẹ́kàmù · 2:03 ọ̀sán

Ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Túndé Akọ́áàpù · 2:11 ọ̀sán

Ẹ pín 64 sí mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Ó jọ pé áàpù yín ń kó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹ ò bá sì ṣí i kí wọ́n tó tán, kò sí ẹni tó máa kó tuntun. Ó yẹ kí ẹni tó ṣe é lo ìránnilétí tó ń padà dún fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́, torí ẹyọ kan ni ìyẹn nínú 64. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Ní báyìí ná, ẹ máa ṣí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìyá Wàlé · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Gbogbo wàhálà yìí ò pọn dandan. Ẹ lọ sí Settings, Apps, áàpù náà, Battery, ẹ yàn "Unrestricted". Ó parí. Ọmọ mi ló kọ́ mi.

Túndé Akọ́áàpù · 7:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, Mà. Ọmọ yín ò burú, ó yẹ kí a ṣe é, àmọ́ kò parí síbẹ̀. "Unrestricted" ń jẹ́ kí áàpù lè ṣiṣẹ́ lẹ́yìn, kí ó sì rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò nígbà tí fóònù bá ń sùn. Áláàmù lásán tí áàpù náà ṣètò á ṣì dúró, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà Áńdíróìdì fún àwa tó ń ṣe áàpù nìyẹn. Áàpù tó bá fẹ́ dún láago méje géérégé gbọ́dọ̀ béèrè fún irú áláàmù mìíràn, kí wọ́n sì gbà fún un.

Ìyá Wàlé · 7:55 àárọ̀

Tèmi ṣáà ń dún o.

Àbẹ̀kẹ́ Ìgbó · Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Mo ti padà dé. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, àpótí oògùn ti wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìwé ìtàn ìfitónilétí kọ 8:05 sí ti àárọ̀. Lọ́jọ́ Rú kò sí níbẹ̀ rárá, ti alẹ́ náà ò dún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Lónìí kò sí níbẹ̀ bákan náà. Àbúrò mi ṣí áàpù náà lọ́sàn-án òní, gbogbo èyí tó ti kọjá wá tò lé ara wọn ní pupa, ó kọ "missed" sí wọn lára.

Túndé Akọ́áàpù · 7:02 alẹ́

Àǹtí, iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe yìí. Àìsàn méjì ni lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó pẹ́ sí 8:05 ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Ẹ lọ sí Settings > Apps > Special app access > Alarms & reminders, kí ẹ wá áàpù náà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ó wà ní pípa. Àyè yìí ló ń jẹ́ kí áàpù ṣètò áláàmù tó máa dún lásìkò gan-an. Áńdíróìdì 12 ló mú un wá. Nígbà náà, wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ áàpù lọ́fẹ̀ẹ́. Láti Áńdíróìdì 14, áàpù tuntun tí wọ́n ṣe fún Áńdíróìdì 13 sókè kì í rí i gbà fúnra rẹ̀ mọ́, àfi kí ẹni tó ni fóònù tan án. Kódà bí ẹ bá kó àwọn áàpù láti fóònù àtijọ́ wá sórí tuntun, kò ní bá wọn wá. Áàpù aago àti ti kàlẹ́ńdà ní ọ̀nà tiwọn tí wọn ò fi nílò rẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ áàpù kì í sọ fún yín. Wọ́n á bi fóònù bóyá àyè wà, fóònù á ní rárá, wọ́n á rọra lo áláàmù lásán. Bí ẹ bá dán an wò pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, á dún, nítorí fóònù ò sùn. Ìdí tó fi dún lójú yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó nìyẹn.

Ti ọjọ́ Rú àti tòní ṣòro díẹ̀. Lọ́la, kí àbúrò yín má ṣí áàpù náà o. Kí ó tẹ àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó yàn "App info", kí ó wo bọ́tìnì "Force stop". Bí bọ́tìnì náà bá ti ṣá, tí kò gbà kí a tẹ òun, ohun kan ti fi tipátipá dá áàpù náà dúró. Nígbà tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, gbogbo áláàmù tó ti ṣètò ni fóònù ń pa rẹ́, kò sì ní jí títí ẹnìkan á fi ṣí i. Ó bá ohun tí ẹ sọ mu, pé ti alẹ́ náà bá a lọ.

Bọ̀dé Fóònù Dùgbẹ̀ · 8:30 alẹ́

Iṣẹ́ fóònù ni mo ń ṣe, mo sì fẹ́ ta ko Túndé díẹ̀. Ẹ̀yin tó ń ṣe áàpù máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé irú Áńdíróìdì kan ṣoṣo ló wà. Àwọn fóònù tó pọ̀ lọ́jà wa ní agbálẹ̀ tiwọn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù fi sínú rẹ̀, èyí tó ń pa áàpù kí bátìrì lè pẹ́. Ẹ lè tan gbogbo "Alarms & reminders" tó wà láyé, bí agbálẹ̀ yẹn bá dé lóru, ó tán. Lórí fóònù míì, ẹ kàn fa áàpù kúrò láàárín àwọn tó wà ní ṣíṣí, ìyẹn nìkan ti tó láti pa áláàmù rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa wá nìyí, orúkọ ló ń yàtọ̀ láti fóònù dé fóònù. Àkọ́kọ́ ni ibi tí wọ́n kọ "Auto-start" tàbí "Autostart" sí, ẹ tan án fún áàpù náà. Ìkejì wà nínú áàpù tó ń fọ fóònù mọ́, níbi tí ó ti ń sọ pé òun á máa pa áàpù bí ẹ bá ti ti fóònù. Ẹ pa ìyẹn tàbí kí ẹ yọ áàpù oògùn sọ́tọ̀ níbẹ̀. Lórí àwọn kan, ẹ máa rí "Sleeping apps" àti "Deep sleeping apps", áàpù oògùn ò gbọdọ̀ sí nínú méjèèjì. Bí àtúnṣe tuntun bá wọlé sórí fóònù, ẹ tún padà lọ wò ó, torí àwọn kan máa ń dá ètò yẹn padà sí bó ṣe wà.

Túndé Akọ́áàpù · 8:41 alẹ́

Bọ̀dé, mi ò bá ẹ jiyàn. Lórí Áńdíróìdì tí wọn ò fọwọ́ kàn, fífa áàpù kúrò kì í pa áláàmù, àmọ́ òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ míì ti yí ìyẹn padà. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n wo "Force stop" nìyẹn, kí a tó dẹ́bi fún agbálẹ̀.

Ràṣídì Alájé · 9:00 alẹ́

Ó ṣì jẹ́ pé àgádágodo tèmi wúlò nígbà náà 😄

Bọ̀dé Fóònù Dùgbẹ̀ · 9:04 alẹ́

Ó wúlò fún irú fóònù tìẹ.

Fẹ́mi Akẹ́kọ̀ọ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 12:15 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Túndé, mo ń kọ́ṣẹ́ áàpù. Mo ti lo `setExactAndAllowWhileIdle`, síbẹ̀ áàpù mi já lórí Áńdíróìdì 14. Báwo ni mo ṣe lè dán oorun fóònù wò láìdúró di òru?

Túndé Akọ́áàpù · 1:30 ọ̀sán

Ó já nítorí pé o pè é láìní àyè, `SecurityException` lo máa rí. Béèrè kí o tó pè é. Bí ìdáhùn bá sì jẹ́ rárá, gbé ẹni náà lọ síbi tí á ti tan án, má ṣe dákẹ́ sí i:

```
if (am.canScheduleExactAlarms()) {
    am.setExactAndAllowWhileIdle(
        AlarmManager.RTC_WAKEUP, akoko, pi)
} else {
    startActivity(Intent(
        Settings.ACTION_REQUEST_SCHEDULE_EXACT_ALARM))
}
```

Láti fi tipá mú fóònù sùn, so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, pa ojú rẹ̀, kí o sì tẹ ìwọ̀nyí:

```
adb shell dumpsys battery unplug
adb shell dumpsys deviceidle force-idle
adb shell dumpsys alarm
```

Ìlà kẹta á to gbogbo áláàmù tó ń dúró. Wá orúkọ áàpù rẹ nínú rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí ohun tó máa dún, má wulẹ̀ máa wo ohùn tàbí ìfitónilétí. Bí o bá ṣe tán, dá fóònù padà:

```
adb shell dumpsys deviceidle unforce
adb shell dumpsys battery reset
```

Àbẹ̀kẹ́ Ìgbó · Ọjọ́ Ajé, 9:20 àárọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ìròyìn. "Alarms & reminders" wà ní pípa lóòótọ́, a ti tan án. Lárààárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bọ́tìnì "Force stop" ti ṣá bí ẹ̀gbọ́n Túndé ṣe wí. Bọ̀ọ̀dá Bọ̀dé náà tọ̀nà: áàpù ìfọ̀mọ́ tó bá fóònù wá ní ibì kan tí ó ti ń pa áàpù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti fóònù, ó wà ní títàn. A yọ ti oògùn sọ́tọ̀, a tan Autostart. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, 7:00 géérégé ló dún.

Àmọ́ lánàá ọjọ́ Àìkú, kò tún dún. Wọ́n mú iná lọ lálẹ́ Àbámẹ́ta, bátìrì tán lóru. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ láago mẹ́fà kọjá, fóònù sì tan padà kó tó di aago méje. Ó ti wà ní títàn nígbà tó yẹ kó dún! Láago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni wọ́n tó ṣí i pẹ̀lú nọ́ńbà ìṣílẹ̀ wọn.

Túndé Akọ́áàpù · 9:45 àárọ̀

Nọ́ńbà ìṣílẹ̀ yẹn ni. Bí fóònù bá kú, gbogbo áláàmù tí áàpù ṣètò ń bá a kú. Bí ó bá tan padà, fóònù ń pè sí áàpù kọ̀ọ̀kan pé òun ti jí, kí wọ́n tún tiwọn ṣètò. Ìpè yẹn, `BOOT_COMPLETED`, kì í lọ títí ẹni tó ni fóònù á fi ṣí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Láago méje, áàpù oògùn ò tilẹ̀ tíì mọ̀ pé fóònù ti tàn. Ọ̀nà kan wà tí áàpù lè gbà jí ṣáájú ìyẹn, `LOCKED_BOOT_COMPLETED`, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe áàpù ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí i. Kò sí ètò kankan tí ẹ lè fọwọ́ yí fún èyí.

Ẹ fi áláàmù aago méje sínú áàpù aago tó bá fóònù wá, ní àfikún. Irú áláàmù tó ń lò ni fóònù ń jí fún kúrò lójú oorun, agbálẹ̀ kì í sábà fọwọ́ kàn án, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń dún kí ẹnikẹ́ni tó ṣí fóònù. Ẹ dán ti yín wò: ẹ ṣètò rẹ̀ sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá síwájú, ẹ pa fóònù, ẹ tan án padà, ẹ má ṣí i, kí ẹ wò ó bóyá á dún.

Nọ́ọ̀sì Mọ́remí · 10:10 àárọ̀

Bí méjèèjì bá ń dún láago méje, ẹ ṣàlàyé fún Màmá pé oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń pè. Tàbí kí ẹ pa ti àárọ̀ kúrò nínú áàpù náà, kó ku ti alẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ Ìgbó · 1:05 ọ̀sán

A dán an wò, ó dún láìṣí fóònù. Mo ti ní kí wọ́n pa ti àárọ̀ kúrò nínú áàpù oògùn.

Ìyá Wàlé · 4:40 ìrọ̀lẹ́

Mo wá "Alarms & reminders" yẹn lórí fóònù tèmi, mi ò rí i. Áńdíróìdì 11 ni. Ṣé mo ti pàdánù nǹkan ni?

Bọ̀dé Fóònù Dùgbẹ̀ · 5:02 ìrọ̀lẹ́

Rárá, Mà. Kò sí lórí 11, áàpù yín ò nílò ìyọ̀ǹda kankan fún un níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí tí tiyín fi ń dún nìyẹn.

Déjì Pẹ́kàmù · 10:37 alẹ́

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe áàpù mi. Wọ́n ní kí n yọ ọ́ kúrò kí n tún fi í padà. Ṣé ẹnikẹ́ni mọ áàpù oògùn lórí áífóònù tó ń lo ìránnilétí tó ń padà dún fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́?